Ẹ́ńtírópì omi tí a fún pọ̀ ní 25°C: ibo ni α ti ń wọlé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ti há mi lọ́rùn. Omi kílógíráàmù kan wà ní 25°C. Wọ́n gbé ìfúnpá rẹ̀ láti báà 1 lọ sí báà 101, ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kò sì yí padà. Wọ́n fún wa ní α, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe ń wú bó bá ń gbóná, α = 2.57 × 10⁻⁴ K⁻¹, wọ́n fún wa ní fọ́lúùmù omi náà, 1.003 × 10⁻³ m³, wọ́n ní ká wá bí ẹ́ńtírópì rẹ̀ ṣe yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí dU = T dS − p dV, mo sì rí èyí:

```
(∂T/∂V)_S = −(∂p/∂S)_V
```

Ibẹ̀ ni mo há sí. Mi ò rí α níbẹ̀ rárá. Kí ló kù tí mi ò ṣe?

---

Bọ̀dá_Kọ́mpírẹ́sọ̀

Àbúrò, èyí kò le. Èmi ń fi kọ́mpírẹ́sọ̀ fẹ́ táyà lójoojúmọ́. Bí ìfúnpá bá ti ń lọ sókè, páìpù tó jáde lára ẹ̀rọ náà á gbóná débi pé o ò ní lè fọwọ́ kàn án. Ooru ti pọ̀ sí i nìyẹn, ẹ́ńtírópì náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Kọ ọ́ pé ó lọ sókè.

---

Ṣẹ́gun_Kẹ́mísírì

Bọ̀dá, ẹ má bínú, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ẹ bá fún nǹkan pọ̀, àyè tí àwọn mólékù ní láti rìn kiri á dín kù, rúdurùdu wọn náà á sì dín kù. Ẹ́ńtírópì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ nígbà gbogbo tí ìfúnpá bá lọ sókè. Fún gáàsì, −nR ln(p₂/p₁) ni. Akẹ́kọ̀ọ́, fi 1 àti 101 sí i, o ti parí.

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Ṣẹ́gun, omi ni wọ́n béèrè o, kì í ṣe gáàsì. Bí ọmọ yìí bá lo ìlà gáàsì yẹn, yóò rí bíi júùlù 38 fún Kẹ́lífínì kan lórí móólù kọ̀ọ̀kan, omi kò sì sún mọ́ ọn rárá. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ "nígbà gbogbo" tí o sọ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́, ìlà tí o rí kò lábùkù. Kì í kàn ṣe ti ìbéèrè yìí ni. Ìlà tìrẹ di S mú níbì kan, ó di V mú níbòmíràn. Ìbéèrè wọn ní kí T dúró, kí p máa lọ. Nítorí náà, ohun tí o nílò ni agbára tó jẹ́ pé T àti p gan-an ni a fi ń tọpa rẹ̀. Agbára Gibbs ni, G = U + pV − TS, U sì ni agbára tó wà nínú omi náà. Bí o bá dífẹ́rẹ́ńṣíéètì rẹ̀, tí o sì fi dU tìrẹ sí i, T dS á pa ara rẹ̀ rẹ́, p dV náà á pa ara rẹ̀ rẹ́, èyí ni yóò sì ṣẹ́ kù:

```
dG = −S dT + V dp
```

Mi ò fẹ́ kí o kàn há ohun tó tẹ̀ lé e sórí. Mú ìwé, ya igun mẹ́rin kékeré kan: T lọ sí ọ̀tún, p lọ sókè. O fẹ́ láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì dé igun òkè lápá ọ̀tún. Ọ̀nà méjì ló wà. Ní ọ̀nà kìíní, mú omi náà gbóná díẹ̀, δT, nígbà tí ìfúnpá ṣì wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà kí o wá gbé ìfúnpá sókè, δp. Ní ọ̀nà kejì, gbé ìfúnpá sókè kí o tó mú un gbóná.

Ní ọ̀nà kìíní, G yí padà ní −S δT pẹ̀lú S ti ìfúnpá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ní V δp pẹ̀lú V ti omi tó ti gbóná. Ní ọ̀nà kejì, ó yí padà ní V δp pẹ̀lú V ti omi tó ṣì tutù, lẹ́yìn náà ní −S δT pẹ̀lú S ti ìfúnpá òkè. Omi náà kò mọ ọ̀nà tí o gbà dé. Ibi tó wà nìkan ló ń pinnu G rẹ̀, nítorí náà àròpọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí o bá kó V sí apá kan, tí o kó S sí apá kejì:

```
[V(T+δT) − V(T)] δp = −[S(p+δp) − S(p)] δT
```

Pín apá méjèèjì pẹ̀lú δT δp, kí o jẹ́ kí igun mẹ́rin náà kéré títí:

```
(∂S/∂p)_T = −(∂V/∂T)_p
```

Ìbátan Maxwell tí o ń wá nìyẹn. Àmì òdì yẹn kò ṣàdédé wá. Ara −S dT ló ti wá. Ní apá ọ̀tún, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: bí mo bá mú omi yìí gbóná láìyí ìfúnpá rẹ̀ padà, báwo ni fọ́lúùmù rẹ̀ ṣe ń wú? α ló sì ń dáhùn ìyẹn, nítorí (∂V/∂T)_p = αV. O rí ibi tó ti wọlé báyìí.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìjẹ̀bú

Mà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ya igun mẹ́rin náà, ó yé mi. Ìbéèrè kékeré kan ló kù. Ta ló sọ pé G kì í bìkítà nípa ọ̀nà? Olùkọ́ wa sọ pé ooru ń bìkítà. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ń bìkítà àti èyí tí kì í bìkítà?

Mo sì ṣe ìṣirò náà. Mo ní ΔS = −αVΔp = −2.57 × 10⁻⁴ × 1.003 × 10⁷ = −2578 J/K. Ṣé ó tọ̀nà?

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Ìṣirò ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí kò tọ̀nà, ó sì dára kí o mọ bí èèyàn ṣe ń rí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Gbogbo ẹ́ńtírópì tó wà nínú omi kílógíráàmù kan ní 25°C, bí a bá kà á láti òdo Kẹ́lífínì, kò ju nǹkan bíi 3,880 J/K lọ. Ìdáhùn rẹ ń sọ pé báà ọgọ́rùn-ún péré ti gba ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìfúnpá ọgọ́rùn-ún báà kò sì dín fọ́lúùmù omi kù ju bíi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn méjèèjì kò lè jọ máa gbé ilé kan.

Líta lo fi sí ibi fọ́lúùmù. Ìfúnpá rẹ wà ní Paskáàlì, 10⁷ Pa, fọ́lúùmù sì gbọ́dọ̀ wà ní m³, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fún ọ. Paskáàlì lọ́nà mítà onígun mẹ́ta ni júùlù.

```
ΔS = −(2.57e-4)(1.003e-3)(1.00e7) = −2.58 J/K
```

Ó lọ sílẹ̀ ní 2.58 J/K. Ooru tó gbọ́dọ̀ jáde kí omi náà má bàa gbóná ni TΔS, 298 lọ́nà 2.58, ìyẹn bíi júùlù 769.

Ní ti ìbéèrè kejì, má ṣe gbà á gbọ́ lásán, dán an wò. Bí ẹnì kan bá gbé M dT + N dp wá fún ọ, wo bí M ṣe ń yí padà bí p ṣe ń lọ, kí o sì wo bí N ṣe ń yí padà bí T ṣe ń lọ. Bí méjèèjì bá dọ́gba níbi gbogbo, dífẹ́rẹ́ńṣíà náà pé, ohun kan wà tí kì í bìkítà nípa ọ̀nà. Bí wọn kò bá dọ́gba, kò pé.

Dán ooru wò pẹ̀lú móólù kan gáàsì tó ń tẹ̀ lé pV = RT. Ooru tó wọlé láìsí ìfọ̀rá, ìyẹn láìsí pé nǹkan ń fi ara ha ara, ni Cp dT − V dp, ìyẹn Cp dT − (RT/p) dp. Cp ni ooru tó ń mú un gbóná ní ìwọ̀n kan bí ìfúnpá kò bá yí padà. Cp gáàsì yìí kì í yí padà bí p bá lọ, nítorí náà ti àkọ́kọ́ jẹ́ òdo. Ti èkejì, bí T bá lọ, jẹ́ −R/p. Òdo kò bá −R/p dọ́gba, nítorí náà ooru ń bìkítà, òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Wá pín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú T: (Cp/T) dT − (R/p) dp. Cp/T kò mọ p, R/p kò mọ T. Òdo méjèèjì. Ohun tó pé yẹn ni à ń pè ní dS, ìdí nìyẹn tí S fi jẹ́ ohun ìní gáàsì náà, tí ooru kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. G kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ara U, p, V, T àti S, tí gbogbo wọn jẹ́ ohun ìní, òun náà kò sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

---

Túndé_Manchester

Mà, ẹ kú ọgbọ́n. Iṣẹ́ páìpù onífúnpá gíga ni mo ń ṣe níbí, ohun kan kò sì dọ́gba lójú mi. Bí omi ṣe fún pọ̀ sí, tí à ń pè ní κ, ni 4.52 × 10⁻¹⁰ fún Paskáàlì kọ̀ọ̀kan ní 25°C. Iṣẹ́ tí èèyàn ṣe lórí rẹ̀ títí dé báà 101 jẹ́ ìdajì κVp², ìyẹn kò ju bíi júùlù 23 lọ. Ẹ wá ní ooru júùlù 769 jáde. Níbo ni 746 tó kù ti wá? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé àmì kan níbì kan?

---

Ṣẹ́gun_Kẹ́mísírì

Èmi náà fẹ́ béèrè. Agbára kì í ṣàdédé wáyé.

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Kò sí àmì tí a gbàgbé, Túndé. Inú omi náà gan-an ni agbára yẹn ti jáde. U rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi júùlù 746. Ẹ padà sí dU = T dS − p dV, ẹ di T mú, kí ẹ sì fi ìbátan Maxwell sí ipò S:

```
(∂U/∂p)_T = −TVα + pVκ
```

Ní báà kan, pκ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Tα ní 25°C jẹ́ bíi 0.077. pκ ní báà 101 jẹ́ bíi 0.0046. Apá òdì ló borí pátápátá, U sì ń sọ̀kalẹ̀ bí a ṣe ń fún un pọ̀. Ohun tó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé wọ́n ti gbà pé bí èèyàn bá ṣe iṣẹ́ lórí nǹkan, U rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ bí a bá dí ooru mọ́ inú. Níbí, a ní kí T dúró, ó sì túmọ̀ sí pé a fi ilẹ̀kùn ooru sílẹ̀ gbayawu.

Fún gáàsì pípé, Tα jẹ́ 1 gééré, pκ náà sì jẹ́ 1, wọ́n pa ara wọn rẹ́, U kò sì yí padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti kọ́ àṣà pé "ooru tó jáde ni iṣẹ́ tó wọlé". Òfin gáàsì pípé nìkan ni. Bí ẹ bá gbé e dé orí omi, ó máa já yín kulẹ̀ ní ìlọ́po ọgbọ̀n.

---

Bọ̀dá_Kọ́mpírẹ́sọ̀

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ fún mi ìdí tí páìpù mi fi ń gbóná. Tí ẹ́ńtírópì bá ń lọ sílẹ̀, kí ló dé tí nǹkan ń gbóná?

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Bọ̀dá, ìbéèrè gidi ni. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti ọmọ yìí ní ibì kan ṣoṣo. Tirẹ̀, omi náà ní àkókò láti tú ooru jáde, ìwọ̀n ìgbóná sì dúró. Tiyín, písítìnì ń sáré débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè tú ooru púpọ̀ jáde kó tó kúrò nínú sìlíńdà. Bí kò bá tú ooru kankan jáde rárá, tí kò sì sí ìfọ̀rá, ẹ́ńtírópì rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó wà bó ṣe wà, T ló lọ. Ìbátan kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀:

```
dS = (Cp/T) dT − αV dp = 0
(∂T/∂p)_S = TVα/Cp
```

Ohun tí ìfúnpá fẹ́ gbà kúrò nínú ẹ́ńtírópì, ìgbóná gbọ́dọ̀ dá a padà. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 25°C, tí ẹ fún pọ̀ láti báà 1 sí báà 8 láìjẹ́ kí ooru jáde, máa dé bíi 267°C nínú ìṣirò. Tiyín kò dé bẹ́ẹ̀ torí pé irin ẹ̀rọ náà ń jẹ nínú ooru rẹ̀, ó ṣì tó láti jó ọwọ́ èèyàn. Omi tí a fún pọ̀ láti 1 sí 101 báà lọ́nà kan náà kò gbóná ju bíi 0.18°C lọ. Ìfọ̀rá nínú ẹ̀rọ yín ló lè mú kí ẹ́ńtírópì pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe ìfúnpá.

---

Bọ̀dá_Kọ́mpírẹ́sọ̀

Ó yé mi dé ìwọ̀n àyè kan. Ẹ ṣé o, Mà.

---

Ṣẹ́gun_Kẹ́mísírì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ tèmi. Mo ṣì dúró lórí pé ẹ́ńtírópì ń lọ sílẹ̀ bí ìfúnpá bá lọ sókè. Ìṣirò Mà fúnra rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀: −2.58. Gáàsì náà, òdì ni. Àyè kéré, rúdurùdu kéré.

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Ó rí bẹ́ẹ̀ ní 25°C, Ṣẹ́gun. Gbé omi kan náà lọ sí 0°C. Omi tó tutù dé ìsàlẹ̀ bíi 4°C ń sún kì nígbà tó bá ń gbóná, kì í wú. α rẹ̀ ní 0°C jẹ́ −0.68 × 10⁻⁴ fún Kẹ́lífínì kọ̀ọ̀kan. Òdì lọ́nà òdì: (∂S/∂p)_T di rere. Bí o bá fún un pọ̀ ní 0°C, fọ́lúùmù rẹ̀ ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńtírópì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Yóò fa ooru wọlé láti ìta dípò kó tú u jáde. Ní nǹkan bíi 4°C, ní báà kan, kò ní ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Fọ́lúùmù ń dín kù nígbà méjèèjì, ní 25°C àti ní 0°C. Nítorí náà, kì í ṣe pé àyè kéré ló ń pinnu àmì ẹ́ńtírópì. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni bí nǹkan náà ṣe ń wú bó bá ń gbóná. Gáàsì ń wú, ọ̀pọ̀ nǹkan olómi ń wú, ìdí nìyẹn tí òfin tìrẹ fi ń bá a mu lọ́pọ̀ ìgbà.

---

Túndé_Manchester

Ìtàn èyí wà níbí o. William Thomson, tí wọ́n ń pè ní Lord Kelvin lẹ́yìn náà, ló ṣe ìṣirò pé omi tó tutù ju ìwọ̀n ìgbóná tó ti kì jù lọ yẹ kí ó tutù sí i bí wọ́n bá fún un pọ̀ lójijì. James Joule tó jẹ́ ará agbègbè Manchester dán an wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1859. Ní nǹkan bíi 1°C, omi náà tutù díẹ̀ lóòótọ́, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ní ìgbóná tó ju ìyẹn lọ, ó gbóná. 1871 ni Maxwell tó tẹ àwọn ìbátan tí a ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ jáde nínú ìwé tó kọ lórí ooru. Thomson ti dé ibẹ̀ ṣáájú láti ara òfin kejì ti tẹmodáínámíìkì.

Ẹ wo bí ohun tó wọ̀n ṣe kéré tó. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ pé omi yẹ kó tutù bí a bá fún un pọ̀. α tí wọ́n fi ìgò gíláàsì àti tẹmómítà wọ̀n ló sọ fún wọn.

---

Ṣẹ́gun_Kẹ́mísírì

Ó dáa, mo gbà lórí omi tútù. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ńkọ́? Mo rò pé omi tútù ní ètò tó ṣí sílẹ̀, tí ìdè háídrójìn fi di àwọn mólékù mú bíi ti yìnyín. Ìfúnpá ń fọ́ ètò yẹn, rúdurùdu sì ń pọ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ rúdurùdu tí mo sọ ṣì dúró, àyè nìkan ló yẹ kí n yọ kúrò.

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ nìkan, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé ìbátan Maxwell kò sọ ọ́. Ó ní bí α bá jẹ́ òdì, ẹ́ńtírópì gbọ́dọ̀ pọ̀. Kò bìkítà bóyá mólékù wà tàbí kò sí. Láti ibẹ̀ dé orí àwòrán ìdè háídrójìn, ìwọ ló ń rìn, kì í ṣe òun. Lórí bí ètò omi ṣe rí gan-an ní ìgbóná yẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn.

---

Túndé_Manchester

Mà, èmi kò fara mọ́ ọn tán. Bí a bá ní àwòrán mólékù tó bá gbogbo rẹ̀ mu, kí ló dé tí a ò ní lò ó? Níbi iṣẹ́ wa, a nílò láti mọ ohun tí omi yóò ṣe níbi tí kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n rí.

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Lò ó, Túndé, mi ò ní kí o má lò ó. Níbi tí ẹ ti ní α tí ẹ wọ̀n, ẹ gba α gbọ́ ṣáájú àwòrán.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìjẹ̀bú

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi ti 0°C ṣe é fún ara mi, láti 1 sí 101 báà, pẹ̀lú 1.000 × 10⁻³ m³. Mo rí +0.68 J/K. Ó kéré sí 2.58, ó sì jẹ́ rere bí Mà ṣe sọ. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Àmì rẹ̀ tọ̀nà, iye rẹ̀ pọ̀ jù. O kọ α sí ìta gẹ́gẹ́ bí ohun tí kì í yí padà bí ìfúnpá ṣe ń lọ. Ní 25°C, fún báà ọgọ́rùn-ún, kò sí wàhálà tó pọ̀ nínú ìyẹn. Ní 0°C, wàhálà wà, torí pé ìwọ̀n ìgbóná tí omi ti kì jù fúnra rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ bí ìfúnpá bá gòkè, ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 fún báà ọgọ́rùn-ún. Ní báà 101, ibi tí α ti jẹ́ òdo ti sún láti bíi 4°C sí bíi 2°C, nítorí náà α ní 0°C ti sún mọ́ òdo ju bó ṣe wà ní báà 1 lọ. 0.68 ni òkè pátápátá. Bí o bá ní tábìlì α ní ìfúnpá oríṣiríṣi, kó wọn pọ̀ lábẹ́ ìlà, má ṣe fi ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo parí rẹ̀:

```
ΔS = −∫ αV dp      (T dúró)
```

Ìdí nìyẹn tí èmi kò fi ní gba ìdáhùn oní-díjítì mẹ́ta fún ti 0°C lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lo α kan ṣoṣo.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìjẹ̀bú

Ó yé mi. Tí mo bá wá gbé ìfúnpá ga gan-an ní −5°C ńkọ́? Àbí yìnyín ti wà níbẹ̀?

---

Túndé_Manchester

Yìnyín ló máa wà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó máa yọ́ ní bíi báà 600.

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Bí ó bá sì ti ń yọ́, ìbátan yìí kò ní bá ọ dé ibẹ̀. Igun mẹ́rin tí o yà ń béèrè pé V àti S máa lọ wẹ́rẹ́ láti igun kan dé èkejì. Ní ojú ibi tí yìnyín ti ń di omi, méjèèjì ń fò: V dín kù, S pọ̀ sí i, ní T àti p kan náà. Kò sí (∂V/∂T)_p tí o lè wọ̀n lójú ibẹ̀. Ṣe ti yìnyín títí dé ojú ibẹ̀ pẹ̀lú α ti yìnyín, fi ẹ́ńtírópì yíyọ́ kún un, kí o wá bẹ̀rẹ̀ ti omi láti ibẹ̀. Bí fífò V ṣe bá fífò S tan ni ìlà Clapeyron fún wa, dp/dT = ΔS/ΔV. ΔV yíyọ́ yìnyín jẹ́ òdì, ìdí nìyẹn tí ìlà yíyọ́ rẹ̀ fi fà sẹ́yìn.

---

Ṣẹ́gun_Kẹ́mísírì

Ṣé α yìnyín náà jẹ́ òdì ni? Torí omi tútù ń sún kì bó bá ń gbóná.

---

Túndé_Manchester

Rárá, yìnyín ń wú bó bá ń gbóná láti −5°C, bí ọ̀pọ̀ nǹkan líle. Ní ìgbóná tó lọ sílẹ̀ gan-an, bíi 60 Kẹ́lífínì sísàlẹ̀, α rẹ̀ di òdì, ṣùgbọ́n ìyẹn jìnnà sí ibi tí Akẹ́kọ̀ọ́ wà.

---

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Ó sì gbọ́dọ̀ lọ sí òdo bí T bá ń lọ sí òdo, ohun yòówù tí àmì rẹ̀ ìbá jẹ́ lójú ọ̀nà. Òfin kẹta sọ pé ẹ́ńtírópì kì í gbọ́ ti ìfúnpá mọ́ níbẹ̀, nítorí náà (∂S/∂p)_T jẹ́ òdo, ìbátan kan náà sì sọ pé α gbọ́dọ̀ bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́, má fi ìyẹn sínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ, wọn kò béèrè rẹ̀. Kọ −2.58 J/K, kọ ìlà dG tó fi dé ibẹ̀, kí o sì kọ ọ́ pé o gbà pé α kò yí padà láàrin báà 1 àti 101.